Bí Kọ̀ǹpútà Ṣe Ń Ṣẹ́ Gègé, àti Nọ́ńbà Kan Tó Tan Ọ̀pọ̀ Ènìyàn Jẹ

Nígbà tí a fi fóònù ṣẹ́ gègé ẹni tó máa kọ́kọ́ kó àjọ, ẹnìkan béèrè nínú gúrúùpù pé ta ló ń mú nọ́ńbà yẹn nínú fóònù. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é pọ̀. Èyí tó ti wà tipẹ́ ni mo fẹ́ sọ, torí ìṣirò ilé ìwé wa tó láti fi yé e.

Kọ̀ǹpútà kò mọ gègé ṣẹ́. Ohun tí wọ́n bá ní kó ṣe náà ló ń ṣe. Ní 1949, Derrick Lehmer, onímọ̀ ìṣirò kan ní Amẹ́ríkà, gbé ọgbọ́n kan kalẹ̀: mú nọ́ńbà kan, fi nọ́ńbà ìsọdipúpọ̀ kan tí kì í yí padà sọ ọ́ di púpọ̀, fi nọ́ńbà pínpín kan pín in, kí o sì mú àṣẹ́kù. Àṣẹ́kù yẹn ni nọ́ńbà tuntun, òun náà lo sì máa tún gbé wọlé. A máa ń ṣe àṣẹ́kù láì mọ̀: bí òní bá jẹ́ Mọ́ńdè, tí oníbàárà ní òun á sanwó ní ọjọ́ 23 sí i, o máa yọ 21 kúrò, ó ku 2, Wẹ́sídeè nìyẹn. Lehmer fi 23 sọ di púpọ̀, ó sì fi 100000001 pín in. Àwọn tó tẹ̀ lé e wá ń fi nọ́ńbà kékeré kan kún un kí wọ́n tó pín in.

Ẹ jẹ́ ká fi kékeré ṣe é. Fi 5 sọ ọ́ di púpọ̀, fi 3 kún un, fi 16 pín in. Bẹ̀rẹ̀ láti 1: 5 àti 3 jẹ́ 8. Láti 8: 40 àti 3 jẹ́ 43, yọ 32, ó ku 11. Tí ẹ bá ń bá a lọ, ẹ máa rí:

1, 8, 11, 10, 5, 12, 15, 14, 9, 0, 3, 2, 13, 4, 7, 6

Lẹ́yìn náà ló padà sí 1. Gbogbo nọ́ńbà 16 ló jáde, kò sí èyí tó jáde lẹ́ẹ̀mejì. Bó ti wù kó rí, kò lè ju 16 lọ, torí àṣẹ́kù 16 péré ló wà. Nọ́ńbà pínpín ló ń sọ ibi tí ìyípo lè gùn dé.

Ẹ wá yọ 5, ẹ fi 6 síbẹ̀. Bẹ̀rẹ̀ láti 4: 11, 5, 1, 9. Láti 9: 54 àti 3 jẹ́ 57; yọ 48, ó tún ku 9. Ó há nìyẹn, 9, 9, 9 títí ayé. Ní 1962, Hull àti Dobell kọ òfin rẹ̀ sílẹ̀. Fún nọ́ńbà pínpín bíi 16, tí í ṣe 2 tí a sọ di púpọ̀ léraléra, nọ́ńbà tí a fi kún un gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí 2 kò lè pín, nọ́ńbà ìsọdipúpọ̀ sì gbọ́dọ̀ ṣeé fi 4 pín tí a bá yọ 1 nínú rẹ̀. 5 yege, 6 kò yege.

Ṣùgbọ́n ẹ padà wo ìlà yẹn dáadáa. Nọ́ńbà tí 2 kò lè pín, èyí tí 2 lè pín, ọ̀kan tẹ̀ lé ìkejì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí a bá fi ìyẹn yan láàrín ẹni méjì, wọ́n kàn ń gbà á ní tẹ̀léǹtẹ̀lé ni. Ìyípo pé, gègé kọ́ síbẹ̀!

Ibi tí ọ̀rọ̀ RANDU ti wọlé nìyí. Ní àwọn ọdún 1960, òun ni ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà IBM ń lò, àwọn mìíràn sì wò ó ṣe. Nọ́ńbà ìsọdipúpọ̀ rẹ̀ ni 65539, nọ́ńbà pínpín sì ni 2147483648. Wọn kì í fi nǹkan kan kún un. Wọ́n yan 65539 torí pé ó rọrùn fún ẹ̀rọ: 65536 àti 3 ni. Ìyípo rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 536, ta ni kò ní gbà á?

Bẹ̀rẹ̀ láti 1: 65539 ló kàn, lẹ́yìn náà 393225. Kí a tó débi tó kàn, ẹ mú kalikulétọ̀. 6 lọ́nà 393225 jẹ́ 2359350. 9 lọ́nà 65539 jẹ́ 589851. Yọ ìkejì nínú àkọ́kọ́, ó ku 1769499. Ohun tí RANDU máa mú jáde gan-an nìyẹn. Bó ṣe rí ní gbogbo ìlà rẹ̀ nìyí, bí ó bá ti pọ̀ jù tàbí kó dín sí òfo, ẹ kàn yọ 2147483648 tàbí kí ẹ fi kún un títí tó fi wọ àyè rẹ̀. Ẹni tó bá rí méjì ti mọ ìkẹta. Àṣírí rẹ̀ wà nínú 65536 yẹn: tí ẹ bá fi 65539 sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, apá tó tóbi jù á pín dọ́gba pátápátá, kò ní ṣẹ́ kù, 6 àti 9 náà ló máa bá ẹ sọ̀rọ̀.

Ní 1968, George Marsaglia fi hàn pé gbogbo irú ìṣirò yìí ní àléébù náà, ti ọ̀kan kàn burú ju ti èkejì lọ. Tí a bá mú nọ́ńbà RANDU ní mẹ́ta-mẹ́ta, tí a fi wọ́n ṣe gígùn, fífẹ̀ àti gíga ibi kan nínú yàrá, wọn kò ní fọ́n káàkiri. Orí pẹpẹ 15 tó dagun ni gbogbo wọn máa tò sí, àárín pẹpẹ ṣófo. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn onísáyẹ́ǹsì ń fi í ṣe iṣẹ́ wọn. Tí ẹ bá wò wọ́n ní méjì-méjì, ẹ ò ní fura.

Ní 1988, Park àti Miller ní kí wọ́n lo 16807 pẹ̀lú 2147483647. Ẹ wò ó, 1 péré ni wọ́n yọ nínú nọ́ńbà pínpín ti RANDU, àmọ́ èyí kò ṣeé pín àyàfi pẹ̀lú 1 àti ara rẹ̀, ìyípo sì di 2147483646. Lẹ́yìn náà àwọn fúnra wọn ní 48271 dára ju 16807 lọ.

Ti àjọ wa ńkọ́? Èyí tó dára jù nínú wọn pàápàá, ẹni tó bá mọ nọ́ńbà ìsọdipúpọ̀ àti nọ́ńbà pínpín, tó sì rí nọ́ńbà kan ṣoṣo tó jáde ní odidi, ó lè jókòó ṣírò èyí tó kàn. Torí ẹ̀ ni wọn kì í fi í ṣọ́ owó. Ní ti àjọ tó ń bọ̀, inú ike la máa ká bébà sí, ọmọ kékeré ló sì máa mú un.