Mọ̀ọ́lò, Mọ̀ọ́ṣe, Mọ̀ọ́báṣe

Ọmọbìnrin àbúrò mi gbé sífíì rẹ̀ wá bá mi, ó ní kí n bá òun wò ó kí òun tó fi ránṣẹ́. Ọdún mẹ́ta ló fi tọ́jú sítọ́ọ̀ ní ilé ìtajà oògùn kan ní Ìbàdàn, irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ náà ló sì ń wá níbi tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Gbogbo ìwé náà ló mọ́ tónítóní àfi ibì kan tó kọ "sikíìsì" sí. Nǹkan mẹ́fà ló tò síbẹ̀: Excel, kọmunikéṣọ̀n, QuickBooks, lídáṣíìpù, ìnfẹ́ńtìrì, tíìmùwọ́ọ̀kì. Ó fa ọ̀pá kékeré kan sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì fi àwọ̀ búlúù kún un dé ibi tó wù ú. Excel gba 85 nínú 100. Tíìmùwọ́ọ̀kì kún dé ẹnu.

Mo bi í pé, "Excel tí o fún ní 85 yìí, kí ni 100 rẹ̀?"

Ó wojú mi. "Ẹ má bínú sà, bí gbogbo èèyàn ṣe ń ṣe é nìyẹn."

Mo ní kó ka iṣẹ́ ìṣirò tó ti fi Excel ṣe rí fún mi, èyí tí èèyàn máa ń tẹ orúkọ rẹ̀ lẹ́yìn àmì ọgba, bíi SUM àti IF. Kò pé 15. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tó wà nínú Excel sì lé ní 400. Kò purọ́ o, torí pé ohun tó nílò ní sítọ́ọ̀ rẹ̀ ló mọ̀ yẹn, ó sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Ọ̀pá yẹn ló purọ́ mọ́ ọn. Ibi tí a ti kọ́ ọ̀pá ìkún ni ojú fóònù: bí a bá ń fa fíìmù sílẹ̀, ìlà kan á máa kún díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀rọ mọ bí fíìmù náà ṣe tóbi tó kó tó bẹ̀rẹ̀, ìdí nìyí tó fi lè sọ pé ìdajì ti wọlé. Ta ló mọ ibi tí ìmọ̀ iṣẹ́ parí sí, tí a ó fi mọ ìdajì rẹ̀? Ẹni tó mọ̀ díẹ̀ kì í rí ọ̀pọ̀ ohun tí kò mọ̀, ó lè fún ara rẹ̀ ní 90. Ẹni tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́, tó ti rí ibi tó ṣòro, lè fún ara rẹ̀ ní 60. Ẹni tó fẹ́ gbani síṣẹ́ á wá mú aláìmọ̀kan, á fi ọ̀gá sílẹ̀. Bó bá sì jẹ́ kọ̀ǹpútà ni ilé iṣẹ́ náà fi ń ṣa sífíì, ọ̀rọ̀ inú ìwé nìkan ló máa ń kó. Àwòrán ni ọ̀pá, kò ní rí i rárá.

A yọ ọ̀pá kúrò. Orúkọ mẹ́fà ló wá jókòó síbẹ̀ ní gbẹrẹfu, bí ẹ̀kọ tí kò rí ọbẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Yorùbá ti wọlé, nítorí mo fẹ́ kó sọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ fún mi ní èdè tí a jọ ń sọ nílé, kò sì rí i sọ. Èmi náà kò tètè rí i.

Kí là ń pe "sikíìsì" gan-an? Àwọn kan á sọ pé ẹ̀bùn. Ẹ̀bùn kọ́, torí pé a máa ń fún èèyàn ní ẹ̀bùn ni, èyí ẹ̀wẹ̀, kíkọ́ là ń kọ́ ọ. Àwọn mìíràn á ní ọgbọ́n, ṣùgbọ́n ọgbọ́n gbòòrò jù: àgbàlagbà tí kò fọwọ́ kan irinṣẹ́ kankan rí lè gbọ́n ju gbogbo wa lọ. Mo ti rí "agbára" náà nínú ìwé ìléwọ́ kan, ó sì ṣe mí bíi pé wọ́n ń wá ẹni tó máa ru àpò símẹ́ńtì. Ohun tí a máa ń sọ lójú ọ̀nà nípa ẹni tó tó gbangba sùn lọ́yẹ́ ni pé, "Ó mọṣẹ́." Mo fi ìmọṣẹ́ ṣe orí ọ̀rọ̀ náà, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn.

Lábẹ́ ìmọṣẹ́ ni ìpín mẹ́ta ti ní láti jáde: irinṣẹ́ tí èèyàn ń lò, iṣẹ́ tó mọ̀, àti bó ṣe ń bá àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ ṣe. Ẹ̀kẹta yìí ló le jù, nítorí pé "sọ́fùtì sikíìsì" ni wọ́n ń pè é, wàhálà ńlá sì ni "sọ́fùtì" yẹn fún ẹni tó fẹ́ yí i sí Yorùbá. Bí mo bá kọ "ìmọ̀ rírọ̀," ohun tí òǹkàwé máa gbọ́ ni ìmọ̀ tó rọrùn, tí ẹnikẹ́ni lè ní. Mo wá lọ wo ibi tí orúkọ náà ti ṣẹ̀. Ọ̀rọ̀ ológun ni. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1972, àwọn ológun ilẹ̀ Amẹ́ríkà ṣe àpérò lórí rẹ̀ ní bárékè Fọ́ọ̀tì Bílíìsì, ní ìpínlẹ̀ Tẹ́sáàsì. Iṣẹ́ tí sójà ń fi ẹ̀rọ ṣe wà lápá kan, iṣẹ́ tí ẹ̀rọ kò fi bẹ́ẹ̀ bá a dá sí, bíi dídarí àwọn èèyàn, sì wà lápá kejì. Orúkọ apá kejì yìí ni "sọ́fùtì." Ẹ̀rọ ló wà nídìí ìpín náà láti ìbẹ̀rẹ̀, ìrọ̀rùn kò sí níbẹ̀. Bí a bá túmọ̀ "rọ̀," ojú ọ̀rọ̀ la túmọ̀, a fi inú rẹ̀ sílẹ̀.

Èdè wa ti ní ìlànà kan nílẹ̀ tó lè gba gbogbo ìpín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Gbogbo wa la mọ "ẹ̀kọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà." Odidi gbólóhùn ló wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn: ó mọ̀ ọ́n kọ, ó mọ̀ ọ́n kà. Ohun tó dára nínú rẹ̀ ni pé Yorùbá kò jẹ́ kí "mọ̀ ọ́n" dá dúró ní irú ipò yìí. Bí mo bá sọ pé "ó mọ mọ́tò," ẹ ó máa retí ìyókù: ó mọ̀ ọ́n wà ni, àbí ó mọ̀ ọ́n tún ṣe? Àtòjọ gbẹrẹfu kò ní ìyókù yẹn, ìdí nìyí tó fi dà bí ọ̀rọ̀ tí wọ́n gé lẹ́nu.

Nítorí náà mo fi ìmọ̀ọ́lò pe ìpín irinṣẹ́, mo fi ìmọ̀ọ́ṣe pe ìpín iṣẹ́. Fún ìpín kẹta, "ìmọ̀ọ́bálò" ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn, torí pé a máa ń sọ pé lágbájá mọ bí a ṣe ń bá èèyàn lò. Mo jù ú nù kíákíá. Ó sún mọ́ "ìbálòpọ̀" jù, ọ̀rọ̀ yẹn sì ti di ti ìyẹ̀wù pátápátá. Olùkọ́ tó bá pè é ní kíláàsì kò ní rí ẹnikẹ́ni bá sọ̀rọ̀ mọ́ lọ́jọ́ náà. Ìmọ̀ọ́báṣe ló bọ́ sí i, nítorí ìbáṣepọ̀ ti wà nílẹ̀, ó sì mọ́.

Orúkọ nìkan kò tó láti pín nǹkan. Ọ̀pọ̀ ló ń kó irinṣẹ́ àti iṣẹ́ pọ̀, tí wọ́n á kọ Excel sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìnfẹ́ńtìrì bí ẹni pé ọmọ ìyá ni wọ́n. Ìbéèrè kan ni mo fi yà wọ́n fún ọmọ yìí: "Bí iná bá lọ lónìí tí kọ̀ǹpútà kú, èwo ló kù sí ọ lọ́wọ́?" Kò rò ó rárá. Ó ní òun á fa bíìnì káàdì yọ, òun á máa fi bírò kọ ọjà tó wọlé àti èyí tó jáde, òun kò sì ní jẹ́ kí páálí oògùn tó máa tètè ẹsípáyà wà lẹ́yìn èyí tó ṣì máa pẹ́. Èyí tó máa kọ́kọ́ bàjẹ́ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jáde, ì báà jẹ́ àná ló wọlé. Ìmọ̀ọ́ṣe nìyẹn. Kò sí nínú Excel, Excel kàn ń bá a gbé e ni. Ìnsúlíìnì tó ń tọ́jú sínú fíríìjì láàárín ìwọ̀n òoru 2 sí 8, tó sì ń wo tẹmómítà rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́, ibẹ̀ náà ló bọ́ sí. Kò sì kọ ọ́ síbì kankan nínú sífíì rẹ̀ tẹ́lẹ̀!

Nígbà tí a dé orí Excel gan-an, mo ní kó fi ohun tó fi ṣe hàn mí. Ó ṣí fáìlì kan. Ọjọ́ ẹsípáyà wà nínú òpó C, ó sì ti kọ èyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀:

```
=IF(C2-TODAY()<=90,"GBÉ SÍWÁJÚ","")
```

Oògùn tó bá ku 90 ọjọ́ tàbí tó dín sí i ló máa ń pariwo fúnra rẹ̀. Òun ló gbé e kalẹ̀, kò sí ẹni tó kọ́ ọ. A wá kọ ọ́ pé ó mọ Excel-í lò fún àkọsílẹ̀ ọjà àti ìkìlọ̀ ọjọ́ ẹsípáyà, fún ọdún 3. QuickBooks ní tirẹ̀, owó ọjà tí wọ́n rà nìkan ló ń fi kọ, kò fọwọ́ kan owó oṣù òṣìṣẹ́ rí, bẹ́ẹ̀ náà la sì kọ ọ́. Ó bẹ̀rù pé ìyẹn á dín òun kù. Mo sọ fún un pé ẹni tó sọ ibi tí ìmọ̀ òun mọ ni wọ́n máa gbà gbọ́ lórí ìyókù.

Kò túmọ̀ sí pé ìwọ̀n kò dára rárá. Ní ọdún 2001 ni Àjọ Ìgbìmọ̀ Ilẹ̀ Yúróòpù gbé ìpele mẹ́fà jáde fún ìmọ̀ èdè, láti A1 dé C2, ìpele wọ̀nyí ló sì wà nínú sífíì Yúróòpáàsì tó bẹ̀rẹ̀ ní 2005. Olùwáṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló ń yan ìpele rẹ̀ níbẹ̀, bí ọmọ yìí ṣe fa ọ̀pá tirẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ìpele ló ní ohun tí èèyàn lè ṣe nínú: ẹni tó wà ní A1 lè sọ orúkọ rẹ̀ àti ibi tó ń gbé, ó sì lè bi ẹlòmíràn ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Àwọn mẹkáníìkì wa ti ń ṣe èyí láìkọ ọ́ sílẹ̀. N kò gbọ́ kí ọ̀gá kan sọ rí pé ọmọ iṣẹ́ òun ti mọ iṣẹ́ dé ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé, "Ó ti lè dá sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀."

Ìmọ̀ọ́báṣe ló gbà wá lákòókò jù. Mo bi í nípa lídáṣíìpù, kò rí ìtàn kankan sọ, a pa á rẹ́. Tíìmùwọ́ọ̀kì tó kún dé ẹnu náà kò ní ìtàn. Nídìí kọmunikéṣọ̀n, ó rántí pé ìgbà kan wà tí ọjà tí awakọ̀ kan gbé wá kò pé, tí awakọ̀ sì ń bínú. Òun ní kí àwọn méjèèjì jọ ka páálí kọ̀ọ̀kan lórí ìwé ọjà kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ sí i, ó sì hàn pé láti ibi tí wọ́n ti kó ọjà ni páálí méjì ti ṣẹ́ kù. A kọ ọ́ pé ó mọ bí a ṣe ń yanjú àríyànjiyàn lórí ọjà tí kò pé, a sì gbé ìtàn náà fúnra rẹ̀ sí abẹ́ iṣẹ́ tó ti ṣe.

Ó ti lọ sílé kó tó pè mí lálẹ́. Ó ní òun rántí ọ̀kan: ọlọ́dẹ sítọ́ọ̀ àwọn kò mọ̀wé, òru sì ni ọjà máa ń dé, òun wá kọ́ ọ ní bó ṣe máa rí ọjọ́ ẹsípáyà lára páálí, kó lè ya èyí tí ọjọ́ rẹ̀ kò jìnnà sọ́tọ̀. "Ṣé ìmọ̀ọ́ṣe ni sà, àbí ìmọ̀ọ́báṣe?" A fa ọ̀rọ̀ náà títí owó fóònù rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, a sì fi í sí ìmọ̀ọ́báṣe.