Bí a ṣe ń so ọ̀rọ̀ ẹnu mọ́ iṣẹ́ ọwọ́ nínú fídíò àtúnṣe ẹ̀rọ

Ẹni tó bá fẹ́ kọ ìlànà iṣẹ́ jáde láti inú fídíò àtúnṣe gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ẹnu àti ọwọ́ oníṣẹ́ kì í sábà rìn pọ̀. Ní ọdún 2019, àwọn onímọ̀ tó kó fídíò ẹ̀kọ́ tó lé ní mílíọ̀nù kan jọ sábẹ́ orúkọ HowTo100M yẹ ègé 400 wò nínú wọn. Nínú nǹkan bí ìdajì péré ni ohun kan tí ẹnu dárúkọ ti hàn nínú àwòrán.

Ẹ jẹ́ kí á fi fífọ kabúrétọ̀ jẹnẹrétọ̀ kékeré ṣe àpẹẹrẹ. Wíwo fídíò láìsí ohùn ló kọ́kọ́ yẹ, kí a kọ gbogbo ohun tí ọwọ́ ṣe sí apá kan ìwé, pẹ̀lú àkókò rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a óò gbọ́ ohùn nìkan, tí a óò kọ ọ̀rọ̀ sí apá kejì, kí a tó wá so méjèèjì pọ̀.

Ká ní oníṣẹ́ náà wí ní 1:10 pé, “A ó tú abọ́ ìsàlẹ̀ kabúrétọ̀ báyìí.” Ní 1:14, ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ ti epo tó ń bọ̀ láti inú táńkì, kò sì sọ ọ́. Ó di 1:40 kí nọ́ọ̀tì abọ́ náà tó jáde. Ẹni tó bá gbẹ́kẹ̀ lé ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan yóò fo epo títì, pẹtiróòlù yóò sì dà lé olùkàwé lọ́wọ́.

Bí ó bá tún wí pé, “Ẹ yọ eléyìí,” orúkọ ohun tí ìka rẹ̀ dì mú ni kí a kọ, kì í ṣe ohun tó dárúkọ kẹ́yìn. Ní 2:05, ó kìlọ̀ pé kí a má fi wáyà líle gún ihò epo, nítorí pé ihò náà yóò fẹ̀ jù. Ọwọ́ kò ṣe é. Ìkìlọ̀ ni, iṣẹ́ fífọ ihò ní 2:20 ni a óò sì so ó mọ́.

Nígbà mìíràn, a ti gé fídíò. Bí rọ́bà etí abọ́ bá wà lórí tábìlì, tí àwòrán tó tẹ̀ lé e sì fi abọ́ hàn ní dídé, a jẹ́ pé wọ́n ti dá rọ́bà náà padà. A óò kọ ọ́, ṣùgbọ́n a óò fi àmì sí i pé àwòrán kò fi í hàn.

Ọwọ́ ló ń pinnu ohun tí a ṣe àti bí ó ṣe tẹ̀ léra. Ẹnu ló ń sọ ìdí àti ìkìlọ̀. Ibì kan ṣoṣo ni ẹnu ti borí ọwọ́: bí oníṣẹ́ bá wí ní 3:30 pé, “Ó yẹ kí n ti kọ́kọ́ yọ orí púlọ́ọ̀gì,” ìbẹ̀rẹ̀ ìlànà ni a óò gbé e sí.

Nígbẹ̀yìn, kí a fún ẹni tí kò wo fídíò náà ní ìwé ọ̀hún. Ibi tó bá ti dúró béèrè ìbéèrè ni ìsopọ̀ ti já.