Ìtúnyà Mọ́nítọ̀ àti Ṣíṣẹ́jú Rẹ̀ Nínú Géèmù

Ìtúnyà ni iye ìgbà tí mọ́nítọ̀ ń tún àwòrán ojú rẹ̀ yà láàárín sẹ́kọ́ǹdù kan. Hz ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n: mọ́nítọ̀ 60 Hz ń yà á ní ìgbà 60, ti 144 Hz ń yà á ní ìgbà 144. Káàdì àwòrán inú kọ̀ǹpútà kì í bá ìwọ̀n yìí rìn. Níbi tí géèmù bá ti ṣófo, á yára. Níbi tí èrò, èéfín àti òjìji bá ti pọ̀, á falẹ̀. Bí àwòrán tuntun bá dé nígbà tí mọ́nítọ̀ ṣì ń yà ti tẹ́lẹ̀ lọ́wọ́, ìlà kan á gé ohun tí à ń wò sí méjì. V-Sync ń mú káàdì dúró de mọ́nítọ̀, ìlà náà á sì lọ, ṣùgbọ́n géèmù á máa kọsẹ̀.

Ní 2013, NVIDIA kéde G-SYNC, mọ́nítọ̀ FreeSync ti AMD sì dé ọjà ní 2015. Ohun kan náà ni àwọn méjèèjì ṣe: wọ́n yí ìdúró náà padà, kí mọ́nítọ̀ máa dúró de káàdì. VRR ni orúkọ tí a ń rí lójú mọ́nítọ̀. Ó ní ààlà, bí àpẹẹrẹ láti 48 Hz dé 144 Hz.

Kí ènìyàn tó tan VRR, kí ó kọ́kọ́ wo Windows, nítorí mọ́nítọ̀ 144 Hz púpọ̀ ni ó wà lórí 60 Hz láìjẹ́ pé ẹni tó ni ín mọ̀. Nínú Settings, ní System, Display, Advanced display, ni a ti ń yàn án. Lẹ́yìn náà ni a ó tan Adaptive Sync nínú mẹ́nù mọ́nítọ̀ fúnra rẹ̀, kí a tó tan án nínú NVIDIA Control Panel tàbí ètò AMD. Bí káàdì bá lágbára ju mọ́nítọ̀ lọ, kí a fi òté lé e ní 141 àwòrán, kí ó má baà kọjá ààlà 144.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni ṣíṣẹ́jú. Mọ́nítọ̀ VA àti OLED ni ó wọ́pọ̀ lára wọn. Ti IPS kì í sábà ṣe é. Ìwọ̀n ìtúnyà tó ga ni àwọn tó ṣe mọ́nítọ̀ fi ṣètò ìmọ́lẹ̀ rẹ̀. Bí àwòrán kan bá pẹ́ lójú rẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, iná inú ẹ̀yà kéékèèké rẹ̀ á yí padà díẹ̀, àwọ̀ tó ṣókùnkùn á sì mọ́lẹ̀ tàbí kí ó dúdú sí i. Ojú kò ní mọ ìyàtọ̀ bí ìtúnyà bá dúró lójú kan. Ìgbà tí ó bá ń fò sókè sódò ni ojú ń rí i, pàápàá nínú yàrá dúdú àti nígbà tí géèmù ń lóòdù. Ọ̀pọ̀ mọ́nítọ̀ lè kọ Hz rẹ̀ sí igun ojú rẹ̀. Bí nọ́ńbà náà bá ń fò tí iná sì ń ṣẹ́jú pẹ̀lú rẹ̀, VRR ni. Bí a bá pa VRR tí kò dáwọ́ dúró, ẹ jẹ́ kí a yẹ okùn wò.

Ìfò tó burú jù wà ní ìsàlẹ̀ ààlà. Ká ní géèmù kan ń lọ láti 42 sí 75 àwòrán lórí mọ́nítọ̀ VA tí ààlà rẹ̀ jẹ́ 48 sí 144. Ní 50 àwòrán, mọ́nítọ̀ wà ní 50 Hz. Ní 46, kò lè rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà a ó fi àwòrán kọ̀ọ̀kan hàn lẹ́ẹ̀mejì, yóò sì bọ́ sí 92 Hz. Àwòrán mẹ́rin péré ló dín, ṣùgbọ́n ìtúnyà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Bí géèmù bá ń lọ tó ń bọ̀ ní ojú ààlà yìí, iná á máa ṣẹ́jú ṣáá. Òté 60 ni ó bá a mu, nínú Max Frame Rate ti NVIDIA Control Panel, kí a sì dín òjìji géèmù kù títí tí kò fi ní lọ sísàlẹ̀ 55 mọ́.

Bí káàdì kò bá lè dé 55, òté 40 dára ju kí ó máa rìn káàkiri: mọ́nítọ̀ á dúró ní 80 Hz. A sì lè pa VRR fún géèmù yẹn nìkan, nípa yíyan Fixed Refresh níwájú Monitor Technology, kí a fi mọ́nítọ̀ sí 120 Hz, kí a sì tan V-Sync. Àwòrán kọ̀ọ̀kan á hàn lẹ́ẹ̀mẹta gééré. Ìdí tí a kò fi lo 144 níbí ni pé 40 kò pín in dọ́gba. Àwòrán kan á hàn lẹ́ẹ̀mẹta, òmíràn lẹ́ẹ̀mẹrin, géèmù á sì máa kọsẹ̀. Fún 144, òté 48 tàbí 72 ni ó yẹ.

Òté kò lè pa ṣíṣẹ́jú ìgbà tí géèmù ń lóòdù, torí káàdì lè má gbé àwòrán kankan jáde fún ìgbà díẹ̀. Lórí OLED, ẹni tó ń ṣe géèmù tó kún fún òkùnkùn lè rí i pé Fixed Refresh ló tù ú lójú jù.