Ìtò Àwo ELISA àti Ìṣirò Ìlà Olóǹkà Mẹ́rin: Ibi tí Àṣìṣe ń Fara Pamọ́ sí

Nínú ọ̀pọ̀ ìròyìn ìwádìí tó lo ELISA, gbólóhùn kan ṣoṣo ni òǹkàwé máa ń rí nípa ìṣirò: pé ìlà olóǹkà mẹ́rin ni wọ́n fi ka iye tó wà nínú sáńpù, àti pé R² rẹ̀ ju 0.99 lọ. Wọn kì í sọ ibi tí sáńpù kọ̀ọ̀kan jókòó sí lórí àwo. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé ìtò àwo ló ń pinnu irú àṣìṣe tí ìṣirò lè tú fó, àti pé R² gíga kò tó láti fi gba èsì gbọ́. Wíwọn intalúkín-6 nínú omi ẹ̀jẹ̀ ènìyàn la ó fi ṣàlàyé. Àlàyé nìkan la ṣètò àwọn iye tó wà nísàlẹ̀ yìí fún. Kì í ṣe èsì aláìsàn kankan.

Ní 1971, Eva Engvall àti Peter Perlmann ní Stockholm, pẹ̀lú Bauke van Weemen àti Anton Schuurs ní Netherlands, gbé ìlànà ELISA jáde lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Nínú irú èyí tí a ń sọ yìí, áńtíbọ́dì tó lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ ihò ló ń gbá intalúkín-6 mú, áńtíbọ́dì kejì á sì gùn ún lórí. Ẹ́ńsáìmù tó so mọ́ ìkejì yìí á sọ omi TMB di aláwọ̀ búlúù. Ásíìdì sọ́fúríìkì la fi ń dá a dúró, tí àwọ̀ náà á fi di yẹ́lò, ẹ̀rọ á sì kà á ní 450 nm. A máa ń yọ kíkà 570 nm kúrò nínú rẹ̀ kí ìdọ̀tí tàbí ìlà ara ike má baà bá a kà. Ohun tó kù la ó máa pè ní ìwọ̀n àwọ̀.

Ìtò àwo

Àwo oníhò 96 ní ìlà mẹ́jọ, A dé H, àti òpó méjìlá, 1 dé 12. Ìtò tó wọ́pọ̀ ni pé kí sítáńdáàdì gba òpó 1 àti 2, kí ihò méjì tí sáńpù kọ̀ọ̀kan ní sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ó rọrùn fún ẹni tó ń fa pípẹ́ẹ̀tì, àmọ́ ó ń fi nǹkan pa mọ́. Bí apá ọ̀tún àwo bá gbóná ju apá òsì lọ, tàbí bí ó bá pẹ́ kí ọwọ́ tó dé òpó 12, ihò méjì tó fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn yóò jọ ṣìnà ni. Wọn yóò bára mu dáadáa, CV wọn yóò kéré, èsì wọn yóò sì jẹ́ irọ́. Àṣìṣe ọwọ́ nìkan ni irú ihò méjì bẹ́ẹ̀ lè fi hàn. Kò lè fi àṣìṣe àwo hàn.

Ìtò tí a fara mọ́ rèé. Ẹ ronú pé a yí àwo po lórí tábìlì títí tí A1 fi bọ́ sí àyè H12. Ihò tí ihò kọ̀ọ̀kan bá bọ́ lé lórí ni ìkejì rẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, sítáńdáàdì yóò gba òpó 2 láti A lọ sí H, yóò sì tún gba òpó 11 láti H lọ sí A. Kọ́ńtíróòlù mẹ́ta, èyí tó kéré, ti àárín àti èyí tó ga, yóò wà ní B4, C4 àti D4, ìkejì wọn á sì wà ní G9, F9 àti E9. A ó da omi ẹ̀jẹ̀ ènìyàn púpọ̀ pọ̀ di ọ̀kan, a ó fi í sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, A1, A12, H1 àti H12, a ó sì tún fi í sí àárín gbùngbùn, D6 àti E7. Sítáńdáàdì ti gba ihò 16, kọ́ńtíróòlù gba 6, omi àpapọ̀ yìí náà gba 6. Ihò 68 ló kù, ìyẹn sáńpù 34, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ihò kan ní apá òsì àti ìkan ní apá ọ̀tún. Sáńpù aláìsàn àti ti ẹni tí ara rẹ̀ dá gbọ́dọ̀ dàpọ̀ mọ́ra lórí àwo kan náà, nítorí bí wọ́n bá ní àwo ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, a kò ní mọ̀ bóyá àìsàn ló fa ìyàtọ̀ tàbí àwo.

Ohun tí ìtò yìí ń ṣe kò fara sin. Bí ìyàtọ̀ bá ń pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan àwo dé ìkejì, ohun tí ihò kan fi pọ̀ jù ni ìkejì rẹ̀ fi dín, tí ìpíndọ́gba wọn kò fi ní fì sí apá kan. Ìyàtọ̀ náà yóò sì hàn nínú CV, ibi tó yẹ kó ti hàn. Àmọ́ kò lè wo àṣìṣe etí àwo sàn, torí pé ihò etí ni ìkejì ihò etí. Ihò 36 ló wà létí. Àwọn ló ń tètè gbóná bí a bá gbé àwo tútù sínú ooru, omi inú wọn ló sì ń tètè fẹ́, pàápàá nígbà ọyẹ́. Ìdí nìyẹn tí omi àpapọ̀ fi wà ní igun àti ní àárín. Bí igun bá fi ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún yàtọ̀ sí àárín, èrò wa ni pé kí a má lo èsì ihò etí kankan lórí àwo ọ̀hún.

Ìnira ìtò yìí ni pé ọwọ́ lè tètè ṣì í. A ó kọ́kọ́ to gbogbo omi sínú àwo mìíràn tí áńtíbọ́dì kò sí nínú rẹ̀, pẹ̀lú àwòrán ìtò náà níwájú wa, lẹ́yìn náà la ó fi pípẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́nu mẹ́jọ kó wọn sínú àwo gidi ní òpó kọ̀ọ̀kan. Bí a ṣe to TMB tẹ̀ léra la ó ṣe to ásíìdì, láìyára jù bẹ́ẹ̀ lọ, láìfalẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Sítáńdáàdì wa bẹ̀rẹ̀ láti 500 pg/mL, a sì ń bù ú là ní ìdajì títí dé 7.81, òdo ni ìkẹjọ. Òpó 2 àti òpó 11 kò gbọdọ̀ ti inú àbùlà kan náà wá. Lẹ́ẹ̀mejì la ó bù ú là, pẹ̀lú ike tuntun, nítorí àṣìṣe tó bá wọ inú ike kejì ni gbogbo ike tó tẹ̀ lé e yóò jogún. Àṣìṣe kan ṣì kù tí àbùlà méjì kò lè mú. Bí ẹni tó po ìyẹ̀fun sítáńdáàdì bá fi 0.9 mL omi sí i dípò 1.0 mL, ohun tí a ń pè ní 500 ti di nǹkan bí 556. Gbogbo ojú ìlà ni yóò jọ sún, ìlà náà yóò dán gbinrin, àmọ́ sáńpù tó ní 100 yóò máa ka 90. Kọ́ńtíróòlù tí a kò pò láti inú ìgò yẹn nìkan ló lè tú u fó.

Láti àwọ̀ dé iye

Ìlà olóǹkà mẹ́rin àti bí a ṣe ń yí i padà láti rí iye rèé:

```
y = d + (a - d) / (1 + (x / c)^b)
x = c * ((a - d) / (y - d) - 1)^(1 / b)
```

y ni ìwọ̀n àwọ̀, x ni iye intalúkín-6. a ni àwọ̀ nígbà tí kò sí intalúkín-6 rárá, d sì ni òkè tí ìlà ń sún mọ́ tí kò ní kọjá. c ni iye x tó gbé àwọ̀ dé agbedeméjì a àti d, b sì ń sọ bí ìlà ṣe gùnkè kíkankíkan tó ní àyíká ibẹ̀. Níwọ̀n bí olóǹkà a ti wà níbẹ̀ láti dúró fún ìpìlẹ̀, kò pọn dandan kí a yọ àwọ̀ ihò òdo kúrò kí a tó ṣírò. Nínú R, a lè kọ ọ́ báyìí:

```
library(drc)
m <- drm(od ~ conc, data = std, fct = LL.4())
ED(m, 1.02, type = "absolute")
```

Ẹ ṣọ́ra o: nínú `LL.4`, `c` ni ìsàlẹ̀, `d` ni òkè, `e` ló dúró fún ohun tí a pè ní c lókè, `b` á sì jẹ́ òdì bí ìlà bá ń gòkè. Ẹni tó bá kó lẹ́tà láti inú ètò kan bọ́ sí ìkejì láìwò ó yóò rí iye tó jọ òótọ́ tí kì í ṣe òótọ́.

Ká ní àwo wa fún wa ní a = 0.06, b = 1.10, c = 180 àti d = 3.20. Sáńpù kan, tí a bù là ní ìlọ́po mẹ́rin, ka 0.99 ní òsì àti 1.05 ní ọ̀tún. Fún 0.99, a − d jẹ́ −3.14, y − d jẹ́ −2.21, bí a bá fi ìkejì pín ìkíní, 1.4208 ni. Ẹ yọ 1, ó ku 0.4208. Bí a bá gbé e sí agbára 1/1.10, 0.45526 ni, ní ìlọ́po 180, 81.9 pg/mL. Lọ́nà kan náà, 1.05 fún wa ní 88.9. Ìpíndọ́gba wọn jẹ́ 85.4, ní ìlọ́po mẹ́rin, nǹkan bí 342 pg/mL nínú omi ẹ̀jẹ̀ gan-an. CV àwọ̀ méjèèjì jẹ́ 4.2, àmọ́ CV iye tí a ṣírò jẹ́ 5.8. Èyí ìkẹyìn ló yẹ kí a kọ sílẹ̀, torí pé iye là ń jábọ̀, a kì í jábọ̀ àwọ̀.

Wàyí o, ẹ wo sáńpù mìíràn tó ka 2.90. Ìṣirò yóò fún un ní 1,389 pg/mL, kọ̀ǹpútà yóò sì tẹ̀ ẹ́ jáde láìkùn. Bí àwọ̀ náà bá jẹ́ 2.95, iye yóò fò sí 1,666. Ìyàtọ̀ 0.05 yìí kan náà, láti 1.02 sí 1.07, kò fi ju 6 pg/mL sún iye sáńpù àkọ́kọ́. Nítòsí òkè, ìlà ti fẹ́ tẹ́, tí àwọ̀ kékeré fi ń di iye ńlá. Bí àwọ̀ bá sì kọjá 3.20, iye inú àkámọ́ yóò di òdì, kò sì ní sí èsì rárá. Sítáńdáàdì wa tó ga jù ka nǹkan bí 2.43, nítorí náà ohun tó kọjá 500 lórí àwo kì í ṣe èsì. A ó tún sáńpù náà bù là sí i, a ó sì kà á lórí àwo tuntun pẹ̀lú ìlà tirẹ̀.

Ìsàlẹ̀ ìlà ni R² ti ń tan ni jù. Àwọn ojú tó ga ló ń pinnu R², bẹ́ẹ̀ náà sì ni ìṣirò tí kò fún ojú kọ̀ọ̀kan ní ìwúwo tirẹ̀ ṣe ń tẹ́tí sí wọn, nígbà tó jẹ́ pé ní ìsàlẹ̀ ni sáńpù ọ̀pọ̀ ẹni tí ara rẹ̀ dá wà. Àtúnṣe rẹ̀ ni ìwúwo 1/y². Àyẹ̀wò rẹ̀ sì ni kí a ka sítáńdáàdì padà bí ẹni pé sáńpù ni. Ìlànà ICH M10 ti 2022 ní kí iye tí a kà padà má fi ju ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún yàtọ̀ sí iye tí a kọ sára ike, tàbí ìdá 25 fún èyí tó kéré jù àti èyí tó ga jù. Lórí àwo wa, 15.63 ka 0.243, ìyẹn 14.3, tó jẹ́ ìdá 92 nínú ọgọ́rùn-ún, ó yege. 7.81 ka 0.128, ìyẹn 5.6, ìdá 72 péré, kò yege. Ìyàtọ̀ àwọ̀ tó fa èyí kò ju 0.03 lọ, ojú kò sì lè rí i lórí àwòrán ìlà.

Ìsàlẹ̀ ohun tí àwo yìí lè wọ̀n ti di 15.63 nìyẹn, kì í ṣe 7.81 tí ìwé inú páálí kọ. Níwọ̀n bí a ti bu sáńpù là ní ìlọ́po mẹ́rin, sáńpù tó bá kéré ju ìyẹn yóò wọ ìwé èsì gẹ́gẹ́ bí «ó kéré sí 62.5 pg/mL», a kò sì ní fi òdo rọ́pò rẹ̀, torí pé òdo náà jẹ́ iye tí ẹnikẹ́ni kò wọ̀n.