Ṣíńgù

Ní Jíbówú, bí káfíńtà bá pe òrùlé ní ṣíńgù, páànù tí wọ́n fi òkúta wẹ́wẹ́ bò ló sábà ń sọ. Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń kọ́lé ní Amẹ́ríkà mọ ṣíńgù mìíràn: ègé pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ọ̀dà ṣe, tí wọ́n ń tò léra wọn.

Wọn kì í kàn án mọ́ igi lásán. Pákó ni wọ́n máa kọ́kọ́ tẹ́, kí wọ́n tó tẹ́ bébà ọ̀dà lé e láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kí tòkè máa gorí tìsàlẹ̀, kí omi má baà rí àyè wọlé.

Ẹ jẹ́ ká mú ègé tó ga ní ínṣì 12, tí ínṣì 5 rẹ̀ máa hàn síta. Ínṣì 7 tó kù ni ìlà tó tẹ̀lé e máa bò. Nítorí náà, ìṣó gbọ́dọ̀ wà díẹ̀ lókè ínṣì 5 náà, kó lè gún orí ègé tó wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú. Ìṣó 4 ni wọ́n sábà ń kàn mọ́ ègé kan. Níbi tí ìjì ti ń jà, 6 ni.

Bí ìṣó bá ga jù, ègé lè yọ̀ wálẹ̀. Bí wọ́n bá gbá a jù, orí rẹ̀ á ya ọ̀dà náà. Bí ìṣó náà kò bá wọlé dáadáa, á gbé ègé tó wà lókè rẹ̀ sókè, àtè rẹ̀ kò sì ní lẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ ra ṣíńgù, kó kọ́kọ́ béèrè bóyá ti irin ni tàbí ti ọ̀dà.