Alángbá àti àdán: Báwo ni ẹranko kọ̀ọ̀kan ṣe ń kápá ooru ara rẹ̀ ní Àbíjáàn?

Ní àdúgbò Pílátò, níbi tí àwọn ilé gogoro inú ìlú Àbíjáàn pọ̀ sí, àìmọye àdán ajèso ló máa ń so rọ̀ lórí igi lọ́sàn-án. Lára ògiri tó wà nísàlẹ̀ wọn, alángbá ń yá oòrùn.

Àwọn onímọ̀ máa ń pe àdán ní ẹlẹ́jẹ̀ gbígbóná, wọ́n a sì pe alángbá ní ẹlẹ́jẹ̀ tútù. Orúkọ kejì yìí lè ṣini lọ́nà. Bí a bá wọn ooru ara alángbá tó ti yá oòrùn dáadáa, ó lè tó 37 tàbí 38 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì, gẹ́gẹ́ bíi ti ènìyàn. Ibi tí ooru náà ti wá ni ìyàtọ̀ wà.

Ìta ni alángbá ti ń gba tirẹ̀. Ní ìdájí, ara rẹ̀ tutù, kò sì lè sáré. Akọ tí a mọ̀ sí olórí pupa yóò ṣì ṣú bí erùpẹ̀. Yóò tẹ́ ara rẹ̀ pẹrẹsẹ sí ibi tí oòrùn kọ́kọ́ kàn, bí ara rẹ̀ bá sì ti ń móoru ni àwọ̀ rẹ̀ ń tàn. Ẹni tó dúró lókèèrè lè fi èyí mọ̀ pé ara alángbá ti yá.

Bí ọ̀sán bá pọ́n, yóò gbé ikùn kúrò lára ògiri gbígbóná, yóò la ẹnu máa mí hẹlẹhẹlẹ, yóò sì sá sí ibòji. Bí kò bá rí ibòji, ooru náà lè pa á, nítorí kì í làágùn.

Ní ti àdán, oúnjẹ tó ń jẹ ló ń di ooru nínú ara rẹ̀. Bí òjò bá mú un, yóò fi ìyẹ́ bora. Bí ooru bá mú un, yóò máa fi ìyẹ́ náà fẹ́ ara rẹ̀, nítorí awọ rẹ̀ fẹ́lẹ́, iṣan ẹ̀jẹ̀ sì pọ̀ níbẹ̀. A tún máa lá itọ́ sára. Bí itọ́ náà bá ṣe ń gbẹ ni ooru ń bá a lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀sà wà nítòsí, afẹ́fẹ́ Àbíjáàn sì kún fún ọ̀rinrin, nítorí náà itọ́ kì í tètè gbẹ, bẹ́ẹ̀ náà ni òógùn ènìyàn. Ìdí nìyí tí ibòji igi fi ṣe pàtàkì fún àdán pẹ̀lú.

Owó kékeré kọ́ ni iná inú ara yìí ń ná àdán. Ẹranko ẹlẹ́jẹ̀ gbígbóná lè nílò oúnjẹ tó ìlọ́po mẹ́wàá ti alángbá tí wọ́n jọ wúwo bákan náà. Alángbá lè fara da ebi fún ọjọ́ mélòó kan, àmọ́ àdán gbọ́dọ̀ wá èso lọ lálaalẹ́. Èrè rẹ̀ ni pé òkùnkùn kì í dá a dúró: nígbà tí àdán bá ń fò kúrò ní Pílátò ní ìrọ̀lẹ́, alángbá ti wọ inú pálapàla ògiri lọ sùn.