Ìfiwéra Lẹ́yìn ANOVA

Ìfiwéra lẹ́yìn ANOVA ni iṣẹ́ tó kù fún olùwádìí lẹ́yìn tí ANOVA bá ti sọ fún un pé àwọn ọ̀wọ́ tó ń wò kò rí bákan náà. ANOVA kì í dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ó máa ń wo gbogbo ọ̀wọ́ pa pọ̀, á ní ìyàtọ̀ wà níbì kan, á sì dákẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí ìyàtọ̀ ọ̀hún wà ni yóò mú àwọn ọ̀wọ́ náà ní méjì-méjì, tí yóò máa gbé wọn kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti ń dojú rú, torí bí ìfiwéra ṣe ń pọ̀ sí i ni ó ń rọrùn sí i kí ọ̀kan nínú wọn parọ́ fúnni.

Àpẹẹrẹ kan wà tó hàn kedere, òun la ó sì gùn lé. Inú R, ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn oníṣirò ń lò, ló wà, orúkọ rẹ̀ ni `chickwts`. Ìwé ìròyìn ìmọ̀ tí wọ́n ń pè ní Biometrika ló tẹ àwọn nọ́ńbà náà jáde ní 1948. Wọ́n kó òròmọdìyẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, wọ́n ṣẹ́ kèké pín wọn sí ọ̀wọ́ mẹ́fà, wọ́n fi àfikún oúnjẹ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ bọ́ ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì wọn wọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Gbogbo wọn jẹ́ 71. Àwọn tó jẹ irúgbìn sọnfíláwà wọn gíráàmù 328.9 ní ìpíndọ́gba. Kaséìnì, èyí tí wọ́n ń rí láti inú wàrà, tẹ̀ lé e pẹ́kípẹ́kí ní 323.6. Lẹ́yìn wọn ni ẹran gbígbẹ tí wọ́n lọ̀, 276.9, sóyà, 246.4, lińsíìdì, 218.8. Họ́ọ̀sìbíìnì, ẹ̀wà kan tí wọ́n ń gbìn fún ẹran ọ̀sìn, ló wà nísàlẹ̀ pátápátá ní 160.2.

ANOVA kò ṣiyèméjì lórí èyí rárá: F jẹ́ 15.4, iye p rẹ̀ kò sì tó ẹyọ kan nínú bílíọ̀nù kan. Àmọ́ àgbẹ̀ tó fẹ́ ra oúnjẹ kò lè ra F. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni bóyá sọnfíláwà sàn ju ẹran gbígbẹ lọ lóòótọ́, tàbí bóyá àwọn òròmọdìyẹ tó sígbọnlẹ̀ jù ló kàn bọ́ sí ọ̀wọ́ sọnfíláwà. Inú ọ̀wọ́ kan náà, lórí oúnjẹ kan náà, òròmọdìyẹ kan lè fi bíi gíráàmù 55 ju ìpíndọ́gba ọ̀wọ́ rẹ̀ lọ tàbí kó fi dín sí i, láìsí pé ẹnikẹ́ni ṣe é ní nǹkan kan. Ìwọ̀n èèṣì tó wà nínú ìwádìí náà nìyẹn, òun ni gbogbo ìyàtọ̀ yòókù ní láti borí.

Ẹni tó bá fi ìdánwò t lásán wo ọ̀wọ́ méjì, tó sì fi 0.05 ṣe àlà, ti gbà nínú ọkàn rẹ̀ pé bí oúnjẹ méjèèjì bá tiẹ̀ rí bákan náà gan-an, òun yóò ṣì pariwo ìyàtọ̀ ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Fún ìbéèrè kan, ìyẹn ṣeé gbà. Ṣùgbọ́n ọ̀wọ́ mẹ́fà kì í bí ìbéèrè kan. Èyí àkọ́kọ́ máa pàdé márùn-ún, èkejì máa pàdé mẹ́rin tó kù, bẹ́ẹ̀ títí yóò fi pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹni tó di ojú, tó sọ òkò kan sí igi máńgòrò, tí èso sì já bọ́, a lè ní ó mọ òkò í sọ. Bó bá sọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ọ̀kan tó bà, kò sẹ́ni tó máa yìn ín. Olùwádìí tó bá ṣe ìdánwò mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tó wá kọ ìròyìn nípa èyí tó bà nìkan, òkò kan ṣoṣo ló ń fi hàn wá.

Báwo ni àṣìṣe náà ṣe tóbi tó? Ìdáhùn tí ọ̀pọ̀ ìwé ń fúnni ni 1 − 0.95^15, tó jẹ́ 0.54, ìyẹn ni pé nínú ìwádìí ọgọ́rùn-ún tí oúnjẹ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti rí bákan náà, 54 ni yóò kéde ìyàtọ̀ kan ó kéré tán. Èyí ni wọ́n ń pè ní ìwọ̀n àṣìṣe agbo: kì í ṣe àṣìṣe ìdánwò kan, ti gbogbo agbo ìdánwò ni. Ìṣirò yẹn kò péye tán, ó sì yẹ ká sọ ọ́. Ó gbà pé ìdánwò kan kò mọ ohun tí èkejì ń ṣe, bẹ́ẹ̀ ẹbí kan náà ni wọ́n. Bí èèṣì bá ti sọ ọ̀wọ́ sọnfíláwà di ńlá, ìfiwéra márààrún tí sọnfíláwà wà nínú wọn ló máa yí sí apá kan náà. Àwọn àṣìṣe máa ń kóra jọ síbì kan, torí náà ìwọ̀n tòótọ́ fún ọ̀wọ́ mẹ́fà, bí òròmọdìyẹ bá pọ̀ dáadáa, jẹ́ nǹkan bíi 36 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó kéré sí 54, àmọ́ ó ju márùn-ún tí olùwádìí rò pé òun ń san lọ ní ìlọ́po méje.

Ronald Fisher, ẹni tó gbé ANOVA kalẹ̀ nígbà tó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú àwọn olùwádìí oko ní Rothamsted, ní ìdáhùn tirẹ̀ nínú ìwé tó kọ ní 1935. Ó fi ANOVA ṣe aṣọ́nà: bí F kò bá kọjá àlà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi méjì wéra, bó bá kọjá, kí wọ́n wọlé, kí wọ́n máa fi t lásán ṣe é. Bí ọ̀wọ́ bá jẹ́ mẹ́ta, aṣọ́nà yìí tó. Bó bá ti ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìlẹ̀kùn náà kò ní kọ́kọ́rọ́ mọ́. Wo ọ̀rọ̀ ti họ́ọ̀sìbíìnì. Oúnjẹ kan yẹn burú débi pé òun nìkan lè ṣí ìlẹ̀kùn. Ká ní àwọn márùn-ún yòókù rí bákan náà délẹ̀délẹ̀, ìfiwéra mẹ́wàá tó wà láàárín wọn ni yóò tẹ̀ lé họ́ọ̀sìbíìnì wọlé láìsí ẹni tó yẹ̀ wọ́n wò, àǹfààní pé ọ̀kan nínú wọn yóò parọ́ á sì ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ. Ìdí nìyí tí gbólóhùn “ANOVA ti gbà fún wa” kì í fi í ṣe ààbò.

John Tukey, ti Princeton, béèrè ìbéèrè mìíràn nínú ìwé kan tó kọ ní 1953, èyí tí àwọn onímọ̀ ń gbà lọ́wọ́ ara wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ pọ̀ mọ́ àwọn iṣẹ́ rẹ̀ yòókù. Ó ní: ká ní oúnjẹ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kò yàtọ̀ síra rárá, báwo ni èyí tó ga jù nínú wọn ṣe lè jìnnà sí èyí tó kéré jù, tó jẹ́ èèṣì lásán? Ohun tí èèṣì kì í kọjá àfi ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ni ó sọ di ọ̀pá ìwọ̀n fún gbogbo ìfiwéra. Ó mọ́gbọ́n dání: bí èyí tó jìnnà síra jù kò bá lè tàn ọ́, àwọn tó sún mọ́ra kò lè tàn ọ́. Nínú R, ìlà kan ló gbà:

```
TukeyHSD(aov(weight ~ feed, data = chickwts))
```

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ọ̀pá méjèèjì ń sọ nípa ọ̀wọ́ méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní òròmọdìyẹ méjìlá. Pẹ̀lú t lásán, ìyàtọ̀ gíráàmù 44.7 ti tó láti kéde. Pẹ̀lú ti Tukey, ó di gíráàmù 65.8. Nígbà tí a bá fi t lásán ṣe mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, méjìlá ló kọjá àlà. Nígbà tí a fi ti Tukey ṣe é, ó ku mẹ́jọ. Àwọn mẹ́rin tó já kì í ṣe èyíkéyìí: ẹran gbígbẹ wà nínú mẹ́ta wọn, òun pẹ̀lú sọnfíláwà, pẹ̀lú kaséìnì, pẹ̀lú lińsíìdì, ẹ̀kẹrin ni lińsíìdì pẹ̀lú họ́ọ̀sìbíìnì. Sọnfíláwà fi gíráàmù 52 ju ẹran gbígbẹ lọ. Iye p tó jẹ́ 0.026 lábẹ́ t di 0.22 lábẹ́ Tukey. Àwọn òròmọdìyẹ náà kò yí padà. Ohun tó yí padà ni pé a ti ka iye òkò tí a sọ.

Ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń ṣìnà nìyí. Wọ́n á wo 0.22, wọ́n á ní oúnjẹ méjèèjì dọ́gba. Tukey kò sọ bẹ́ẹ̀. Nínú èsì kan náà, kò rí ìyàtọ̀ láàárín sọnfíláwà àti ẹran gbígbẹ, kò rí i láàárín ẹran gbígbẹ àti sóyà, síbẹ̀ ó rí i láàárín sọnfíláwà àti sóyà láìsí àníàní, p jẹ́ 0.004. Bí “kò rí ìyàtọ̀” bá túmọ̀ sí “dọ́gba”, èyí ì bá má ṣeé ṣe. Ẹran gbígbẹ wà láàárín méjì, òròmọdìyẹ mọ́kànlá tó jẹ ẹ́ kò sì pọ̀ tó láti sọ apá tó tẹ̀ sí.

Ọ̀nà mìíràn wà, ìbéèrè tí olùwádìí bá mú wá ló ń yàn án. Ti Bonferroni ló rọrùn jù: pín 0.05 sí iye ìdánwò. Fún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó di 0.0033, ọ̀pá rẹ̀ á sì gùn tó nǹkan bíi gíráàmù 68. Nínú `chickwts`, àwọn mẹ́jọ kan náà ló mú, àmọ́ bó bá jẹ́ gbogbo méjì-méjì ni èèyàn ń wò, kò sídìí láti san owó tó pọ̀ ju ti Tukey lọ. Bó bá jẹ́ pé oúnjẹ àtijọ́ kan wà tí a fẹ́ fi àwọn tuntun márùn-ún wé, ọ̀nà Dunnett ti 1955 dára jù, torí márùn-ún péré ló kà, kò ka mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ti Scheffé, 1953, ló le jù, torí ó gba àyè fún àdàlù èyíkéyìí tó bá wu èèyàn, irú bíi kéèyàn kó gbogbo oúnjẹ oníhóró jọ kó fi wọ́n wé ẹran gbígbẹ. Gbogbo wọn ló ń gba owó ìṣọ́ra lọ́wọ́ wa: bí ọ̀pá bá ṣe gùn tó ni ìyàtọ̀ tòótọ́ tó kéré ṣe ń sá mọ́ wa lọ́wọ́. Ẹni tó bá mọ ìfiwéra méjì tàbí mẹ́ta tó fẹ́ kó tó kó òròmọdìyẹ jọ, tó sì kọ ọ́ sílẹ̀, á san díẹ̀.

Èyí tó ṣòro jù láti rí nínú ìròyìn ìwádìí ni ti ẹni tó sọ pé ìdánwò kan ṣoṣo lòun ṣe. Ó kọ́kọ́ ya àwòrán, ó rí i pé sọnfíláwà ló ga jù, họ́ọ̀sìbíìnì ló kéré jù, ó sì fi t wé méjèèjì. Lórí ìwé, ìdánwò kan ni. Àmọ́ ojú rẹ̀ ti ṣe mẹ́rìnlá yòókù kí ọwọ́ rẹ̀ tó kan kọ̀ǹpútà, ó sì ti já wọn sílẹ̀. Gíga jù àti kíkéré jù ni Tukey ṣe ọ̀pá rẹ̀ fún, nítorí náà ọ̀pá ti Tukey ló kan ẹni yìí náà, kì í ṣe ti t lásán. Nínú `chickwts`, kò ní bà á lára, torí gíráàmù 169 ló wà láàárín àwọn méjèèjì. Nínú ìwádìí tí ìyàtọ̀ ibẹ̀ jẹ́ 50, ó lè jẹ́ irọ́ ni yóò tà fún àgbẹ̀.